Ìpè àkọ́kọ́ pẹ̀lú olùrà: bí ìbéèrè rẹ̀ ṣe ń mú wa dé ìdí ìṣòro ọjà rẹ̀ (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta áàpù ìṣirò ọjà fáwọn oníṣòwò Èkó la kọ èyí fún, pàápàá tí àwọn tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, tí sítọ́ọ̀ wọn sì wà ní mẹ́nláǹdì. Alhaja kan tó ń ta ọṣẹ àti ìpara lósùnwọ̀n ńlá la fi ṣe àpẹẹrẹ látòkèdélẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, iye owó tó wà nínú rẹ̀ náà sì jẹ́ èyí tá a fi ń ṣàlàyé. Ẹ fi ti olùrà tiyín rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ìpè àkọ́kọ́ wà fún gan-an?

Ó wà fún ká mọ ohun méjì: kí ló ń jẹ owó olùrà, àti pé ṣé ohun tá à ń tà lè dá a dúró. Títa áàpù ò tíì sí nínú rẹ̀.

Ohun tó mú un ṣòro ni pé oníṣòwò kì í tú ìdí ọjà rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ bi Alhaja pé, "Kí ni ìṣòro yín, mà?", á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí ìṣòro." Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àjèjì lórí fóònù pé nǹkan ò lọ déédéé nínú ọjà òun? Ṣùgbọ́n kó tó di pé ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, Alhaja yìí kan náà á béèrè pé, "Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, ṣé áàpù yín ṣì máa ń ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè yẹn kò ṣàdédé jáde. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ rí.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ìbéèrè olùrà ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹtajà ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n máa ń fi èrò ara wọn parí rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí Alhaja fúnra rẹ̀ parí i.

Báwo la ṣe ń pín ìṣẹ́jú 30 náà?

Ìṣẹ́jú 3 fún ìkíni àti àdéhùn, 15 fún àwọn ìbéèrè olùrà, 6 fún kíka owó, 2 fún ṣíṣe àkótán ohun tẹ́ ẹ gbọ́, 4 tó kù fún ohun tó kàn. Bí àkókò bá fẹ́ pọ́n yín lójú, inú ti ohun tó kàn ni kẹ́ ẹ ti gé e. Ẹ má gé ti ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ má ṣe ìkíni ní wàràwàrà. Ẹni tó kí Alhaja dáadáa, tó béèrè bí ọjà ṣe ń lọ, tó sì dákẹ́ díẹ̀ kó lè dáhùn, ti rí ààyè wọlé. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá sọ àdéhùn: "Alhaja, ẹ ní ẹ lè fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ bi mí. Èmi náà á máa bi yín ní kékeré kí n lè mọ̀ bóyá ohun tá a ní wúlò fún yín. Bí kò bá wúlò, mà á sọ fún yín lónìí." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì dúró lórí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè pé, "Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà báyìí rọrùn fún ọ̀rọ̀, mà?" Bí Alhaja bá wà nínú mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá, tí dírẹ́bà rẹ̀ ń gbọ́, tàbí tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn ọmọọṣẹ́, kò ní sọ ohun tó bá kan wọn. Ẹ máa rò pé kò ní ìṣòro, bẹ́ẹ̀ ibi tó wà ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó sàn kẹ́ ẹ sún un sí alẹ́ nígbà tó bá délé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka gbogbo ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kọ wọ́n bó ṣe sọ wọ́n, ẹ má ì tíì dáhùn, kẹ́ ẹ wá béèrè pé, "Nínú gbogbo èyí, èwo ló jẹ yín lógún jù?" Ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá béèrè ìbéèrè kan, kí la ó ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ìdáhùn tòótọ́, gbólóhùn kan tàbí méjì. Àwọn kan ti gbọ́ níbì kan pé kí wọ́n máa fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè. Ìwà yẹn kì í bá àgbà lára mu nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bi yín ní nǹkan tí ẹ kò dá lóhùn á rò pé ẹ ń fi nǹkan pa mọ́, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́yìn ìdáhùn, láìdúró, ẹ béèrè ohun tó bí ìbéèrè náà. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sọ ọ́ ṣe kókó. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń béèrè?" le létí, ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń bá a wíjọ́. "Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi wá sí yín lọ́kàn, mà?" rọra wọlé, ìtàn ló sì máa ń mú jáde.

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ mú un lọ sí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá sọ pé "Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ṣá" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó sọ pé "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá" ti ń rí ọjọ́ náà lójú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé ọjà náà bó ṣe rìn lọ́jọ́ yẹn: ta ló fọwọ́ kàn án, ibo ló lọ, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, kí lẹni náà ṣe? Ẹ béèrè ọ̀kan, kẹ́ ẹ dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ń ṣòro fún òǹtajà jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wúlò jù máa ń jáde lẹ́yìn tí olùrà bá ti rò pé òun ti sọ tán.

Ẹ jẹ́ ká rí bó ṣe ń lọ.

Ó dáa. Alhaja ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà, òmíràn ní Balógun, sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo sì wà ní Múṣin tí ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ń ti ibẹ̀ gbé ọjà. Ó ti ní áàpù kan tó ń lò tẹ́lẹ̀.

"Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, ṣé tiyín ṣì máa ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ lè máa tajà lọ, á kó ohun tẹ́ ẹ tà ránṣẹ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi wá sí yín lọ́kàn, mà?"

"Èyí tá à ń lò, tó bá ti lọ, kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ á wá máa kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ìgbà wo ló ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Kò tíì pẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ kú ìfaradà, mà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọjà lọ́jọ́ náà?"

"Páálí ọgọ́ta ló wà ní Múṣin. Àwọn ọmọ Ìdúmọ̀tà ta ogójì láàárọ̀, inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó wà ní Balógun wo fóònù, ó rí i pé ọgọ́ta ṣì wà, ó bá gba owó páálí àádọ́ta lọ́wọ́ oníbàárà tó wá láti Ìbàdàn. Bọ́ọ̀sì lọ sí Múṣin, ogún ló bá."

"Há! Kí ni oníbàárà náà wá ṣe?"

"Kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbowó rẹ̀. Ó ní òun ò lè sùn l'Ékòó torí ọṣẹ."

Ẹ wo ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tá a dé. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló bẹ̀rẹ̀, oníbàárà tó gbowó rẹ̀ tó sì bá ẹlòmíràn lọ ló parí ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni òǹtajà bi í lẹ́yìn èyí tó fi wádìí ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí èyí tó dárúkọ áàpù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bó bá jẹ́ pé áàpù wa ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ṣé a kò ti yanjú ẹ̀ nìyẹn?

Rárá. Ìdí tá a fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa jẹ́ kí ọmọ Ìdúmọ̀tà tẹ páálí 40 sórí fóònù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí fóònù yẹn ni iye náà máa jókòó sí títí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á fi dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ohun tí ẹni tó wà ní Balógun á máa rí ni 60. Á gba owó 50, bọ́ọ̀sì á gbéra, á sì bá 20 ní Múṣin. Bó ṣe rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà ló ṣe máa rí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju pé inú fóònù ni wọ́n kọ ọ́ sí dípò ìwé.

Ìṣòro Alhaja kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ènìyàn méjì ń ta ọjà kan náà nínú sítọ́ọ̀ kan, tí ọ̀kan kì í mọ ohun tí èkejì ti tà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó lọ ló kàn tú u fó. Ohun tó lè dá a dúró ni kí wọ́n pín ọjà náà sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan nínú áàpù, ká ní 35 fún Ìdúmọ̀tà, 25 fún Balógun, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè tà kọjá ìpín tirẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ. Tàbí kí wọ́n fi í ṣe òfin pé tí ọjà bá ti lé ní páálí 10, wọ́n gbọ́dọ̀ pe alábòójútó sítọ́ọ̀ kí wọ́n tó gbowó. Èyí kejì kò ná an ju owó ìpè lọ. Bí áàpù yín kò bá lè pín ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un. Òǹtajà tó dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni" tó sì sáré lọ sórí iye owó á rí owó oṣù kan gbà, Alhaja á sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì kejì bá tún lọ lásán.

Báwo la ṣe ń ka iye tó ń sọnù?

Ẹnu olùrà ni kí iye náà ti jáde, ẹ̀yin ẹ kàn máa ṣe ìṣirò. Iye tí òǹtajà bá fúnra rẹ̀ mú wá, olùrà á yọ ọ́ kúrò lọ́kàn kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ bi Alhaja pé ìgbà mélòó nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lóṣù. Ó ní á tó ìgbà 4. Owó bọ́ọ̀sì ńkọ́? ₦25,000. Èrè orí páálí kan? ₦1,500. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n á mú ₦1,500 lọ́nà 50, wọ́n á ní ₦75,000 ti lọ, wọ́n á fi owó bọ́ọ̀sì kún un, wọ́n á sọ ọ́ di ìgbà 4, ó di ₦400,000. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Nínú páálí 50 yẹn, 20 ṣì wà ní sítọ́ọ̀, wọ́n á tà á lọ́la fún ẹlòmíràn. Èyí tó kù, 30, kò tiẹ̀ sí nílẹ̀. Èrè tó lè sọnù kò ju ti 30 yẹn lọ, ìyẹn náà tó bá jẹ́ pé Alhaja ì bá ti rí ọjà rà kún un ká ní ó tètè mọ̀. Torí náà ẹ bi í: "Ká ní ẹ mọ̀ láàárọ̀ pé ogún ló kù, ṣé ẹ lè rí ọgbọ̀n kó kí ọjọ́ tó lọ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpè kan ni sí ẹni tó ń kó ọjà fún òun. Ẹ tún bi í pé nínú ìgbà 4 yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni oníbàárà gbowó lọ. Ó ronú, ó ní ẹ̀ẹ̀méjì. Ẹ̀ẹ̀méjì tó kù, wọ́n dúró dọjọ́ kejì.

Ó wá di báyìí: bọ́ọ̀sì ìgbà 4 jẹ́ ₦100,000. Èrè páálí 30 lẹ́ẹ̀méjì jẹ́ ₦90,000. Àpapọ̀ ₦190,000 lóṣù. Ó kéré sí ₦400,000 dáadáa, ṣùgbọ́n Alhaja kò ní lè yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, torí òun ló sọ gbogbo rẹ̀. Bó bá jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tàbí akọ̀wé owó rẹ̀ lálẹ́, á lè tún un sọ láìsí yín níbẹ̀.

Oníbàárà Ìbàdàn tó lè má padà wá mọ́, ẹ má kà á mọ́ owó. Ẹ kàn sọ pé, "A ò tíì ka ti oníbàárà yẹn o, mà," kẹ́ ẹ dákẹ́. Òun ló mọ iye tí ẹni náà ń rà lọ́dún.

Tó bá jẹ́ pé "Èló ni?" ló fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ sọ iye owó. Ní Balógun, ẹni tó kọ̀ láti dá iye lé ọjà rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Ẹ dárúkọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ń fà á: "Ó wà láàárín ₦20,000 sí ₦60,000 lóṣù, mà. Iye ṣọ́ọ̀bù àti iye ènìyàn tó ń lò ó ló ń mú un lọ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi í wé?"

Ìdáhùn sí ìbéèrè kékeré tó kẹ́yìn yẹn máa ń ya sí ọ̀nà mẹ́ta. Bó bá ní áàpù mìíràn lòun fẹ́ fi í wé, á jẹ́ pé ó ti pinnu pé òun á rà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá wádìí ni ohun tó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bó bá ní owó tí òun ń san fún ọmọ tó ń kọ ìwé ọjà ni, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti àṣìṣe inú ìwé ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Bó bá sì ní, "Kò sí, mo kàn ní kí n mọ̀ ni," ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan péré ohun tó mú un ronú kàn án lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìdáhùn kò bá tún ní orí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló rán an pé kó gba iye owó wá. Ẹ fi iye owó ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, kẹ́ ẹ sì dá ìṣẹ́jú tó kù padà fún un. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

"Ṣé mo lè máa wo ohun tí wọ́n tà láti ilé?" Kí ló wà lẹ́yìn ìyẹn?

Ó sábà máa ń jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè tó gba sùúrù jù lọ nìyí, torí ẹni náà lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé. Bẹ́ ẹ bá fi ẹnu yín dárúkọ olè, tàbí ẹ ní áàpù yín ń "mú olè", á pa ọ̀rọ̀ náà dé ni. Ọmọ ẹbí rẹ̀ lẹ ń bú yẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá lórí ìwé àti ọjà, kó má dá lórí ènìyàn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dá a lóhùn pé ó ṣeé ṣe, ẹ béèrè pé, "Lálẹ́, tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó, kí lẹ máa ń fi wé ara wọn?" Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ṣe é: ó ń wo tíránsífà tó wọ báǹkì, ó ń wo owó ọwọ́, ó ń wo ìwé. Ẹ béèrè ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu kẹ́yìn, àti iye tí wọ́n fi ń yàtọ̀ síra. Nígbà mìíràn ẹ máa rí i pé kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan: tíránsífà oníbàárà ló wọlé lọ́jọ́ kejì, tàbí wọ́n ta ọjà láwìn láìkọ ọ́. Bí àlàfo náà bá ń wá lójoojúmọ́ ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tàbí tó jẹ́ pé ọjọ́ tí Alhaja ò bá sí níbẹ̀ nìkan ló ń wá, òun fúnra rẹ̀ á dákẹ́ lórí fóònù. Ẹ má parí gbólóhùn yẹn fún un.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ohun tá a gbọ́ kì í ṣe ìṣòro gidi?

Ohun tá a máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá olùrà ti ṣe nǹkan kan sí i rí. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ á ti fi òwú sí i, á ti ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Alhaja ti ní kí àwọn ọmọ máa ya fọ́tò ìwé ọjà ránṣẹ́ sí Wásáàpù ní aago 12. Ọjọ́ méjì ni wọ́n ṣe é. Ìyẹn tọ́ka sí i pé ó dùn ún. Ó tún sọ ohun kan fún yín: ohunkóhun tó bá fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ọ̀sán kò ní pẹ́. Bí ìṣòro kan bá ti wà láti ọdún méjì tí kò sẹ́ni tó gbìyànjú àtúnṣe kankan, ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí wọ́n á sanwó lé.

Àmì kejì ni ohùn. Bí olùrà bá ń gbà pẹ̀lú gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni," ẹ ṣọ́ra. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bà níbi tó ń dùn ún máa ń já yín gbà sọ̀rọ̀, á ní, "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

Ṣé gbogbo ìbéèrè ló ní nǹkan lẹ́yìn?

Rárá. Ẹni tó béèrè bóyá ẹ máa ń wá sí Ìdúmọ̀tà kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa ń wá ni. Ẹ dáhùn, kẹ́ ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá ti wádìí ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta, ó tó. Ohun tó bá kọjá ìyẹn á dà bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àgọ́ ọlọ́pàá.

Tó bá jẹ́ pé máníjà ló wà lórí fóònù, tí kì í ṣe ẹni tó ń sanwó?

Ẹ má fojú kéré rẹ̀, òun ló mọ ibi tí ọjà ti ń gbà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó ń dun máníjà ni pé òun ń jókòó tẹ ìwé ọjà wọlé títí aago 9 alẹ́. Ohun tó ń dun Alhaja ni bọ́ọ̀sì tó lọ lásán. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì bi máníjà pé, "Bẹ́ ẹ bá sọ èyí fún Alhaja, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè?" Ìdáhùn rẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bá pàdé nígbà tí ẹni tó ń sanwó bá dé.

Ṣé a lè gba ohùn ìpè náà sílẹ̀?

Ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, ohùn ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ìṣòwò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a máa ń gbà ní bòókẹ́lẹ́. Síbẹ̀, lójú tiwa, bírò àti ìwé dára ju ìyẹn lọ ní ìpè àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn òun kò ní dárúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí la ó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè, ìgbà wo sì ni?

Lọ́jọ́ kan náà, kó tó di alẹ́, lórí Wásáàpù. Kó má gùn ju ohun tí ènìyàn lè kà tán nígbà tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí olùrà fi sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má tún un ṣe, kẹ́ ẹ má sì so ìwé ìpolówó mọ́ ọn. Bí èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, Alhaja. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín lónìí rèé. Ìdúmọ̀tà àti Balógun ń ta ọjà kan náà ní Múṣin, wọn kì í mọ ohun tí ara wọn tà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní ó ń tó ìgbà 4 lóṣù. Bọ́ọ̀sì ₦100,000, èrè ₦90,000. Ẹ ti gbìyànjú fọ́tò ìwé, kò pẹ́. Ohun tí mo máa fi hàn yín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ aago 8 àárọ̀ ni bí a ṣe lè pín ọjà sítọ́ọ̀ sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, kí alábòójútó Múṣin náà wà níbẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, àbí mo ṣì í gbọ́ níbì kan?"

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ máa retí èsì rẹ̀. Bó bá dáhùn pé "OK" nìkan, ẹ tún pè é kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bó bá dáhùn pé, "Ìgbà 3 ni o, kì í ṣe 4, owó bọ́ọ̀sì sì ti di ₦28,000," ó ti jókòó ṣírò rẹ̀. Ẹ tún iye náà ṣe sí ₦174,000, kẹ́ ẹ sì máa múra ìpàdé.